Bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tí a ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè dín owó páálí kù

Bí èèyàn bá lọ ra aṣọ ní Gbági n'Íbàdàn, aláṣọ lè pe ₦30,000, kí olùrà sì fi ₦15,000 lọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bínú. Wọn yóò ná an síwá, wọn yóò ná an sẹ́yìn, ibi tó bá yá ni wọn yóò fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí. Ẹ wá gba Agbẹ́ni lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ilé jíjẹ ní páálí. Bí wọ́n bá pe páálí sìpàgẹ́tì kan ní ₦20,000, tí ẹ sì ní kí wọ́n gba ₦15,000, ẹni tó ń tà á yóò kàn wò yín ni, yóò sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Kò gbéra ga. Èrè tirẹ̀ lórí páálí náà lè má ju ₦1,000 lọ, nítorí náà ẹni tó ní kó yọ ₦5,000 kúrò ti jẹ́ kó mọ̀ pé òun kò mọ bí ọjà yẹn ṣe ń lọ.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tó ń ra páálí kan náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan náà, lọ́jọ́ kan náà, ní ₦19,600. Wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀, wọn kò sì mọ ẹ̀bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ju àwa yòókù lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ iye páálí tí wọ́n fẹ́, iye tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́, iye tí wọ́n fẹ́ kó yọ, àti ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Láyé ìsinsìnyí, orí wásáàpù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń sọ ọ́, kí wọ́n tó jáde nílé rárá. Irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ jọ kọ níhìn-ín, pẹ̀lú ìṣirò tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni àwọn iye owó tí a ó lò. Kí kálukú fi iye ọjà tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ibi tí ẹ̀dínwó ti ń wá

Ẹni tó ń ta ọjà ní páálí fún àwa onísọ́ọ̀bù, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà náà lòun náà ti ń rà á, tàbí lọ́wọ́ dísítíríbútọ̀ tó gbà á nílé iṣẹ́. Iye tó rà á kì í sábà ṣe ohun tó lè ná. Ilé iṣẹ́ a ti fi lélẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò san owó náà kí wọ́n tó di ọjà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bó bá máa dín owó kù fún wa, inú èrè tirẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́. Ìbéèrè tó yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀ ni pé kí ni mo lè ṣe tí yóò fi rí owó náà gbà padà lọ́nà mìíràn?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni tágẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń bá dísítíríbútọ̀ wọn ṣe àdéhùn pé bó bá ta iye páálí báyìí láàárín oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta, àwọn yóò san owó kan padà fún un lórí gbogbo ohun tó tà. Bí oṣù bá ti ń parí lọ, tó sì ku díẹ̀ kó kan tágẹ́ẹ̀tì náà, páálí 120 tí ẹnì kan fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ ohun tí yóò gbé e débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù fi dára ju ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ láti fi irú ìwé yìí ránṣẹ́.

Èkejì ni ọkọ̀ àti alábàárù. Bí òun ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọjà wá fún yín, ìrìn àjò kan náwó epo, ó náwó awakọ̀, ó náwó àwọn tó ń jáni lẹ́rù. Ẹni tó ń gba 40 páálí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ń ná an ní ìrìn mẹ́ta. Ẹni tó gba 120 lẹ́ẹ̀kan ń ná an ní ìrìn kan.

Ẹ̀kẹta, tó sì lágbára jù, ni owó ojú ẹsẹ̀. Ìdajì àwọn tó ń bá a rajà lè jẹ́ àwọn tó ń gbà á láwìn, tí wọn yóò ní kó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí ọ̀sẹ̀ náà yóò sì di oṣù. Bẹ́ẹ̀ òun kò lè padà sílé iṣẹ́ lọ kó ọjà tuntun láìlówó lọ́wọ́. Ẹni tó bá mú mílíọ̀nù méjì ó lé wá lẹ́ẹ̀kan náà ń tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, bí ẹ bá fẹ́ ra páálí 10 láwìn, tí ẹ sì tún fẹ́ kó gbé e wá, kò síbi tí ẹ̀dínwó yóò ti wá.

Ìṣirò kí á tó kọ̀wé

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá onísọ́ọ̀bù kan ní Apátá n'Íbàdàn, ká máa pè é ní Ìyá Ìbejì. Sìpàgẹ́tì jẹ́ ọ̀kan nínú ọjà tó ń yá a jù. Páálí kan ní ọ̀rá 20 nínú, ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sì wọn gíráàmù 500. ₦20,000 ló ń rà á, èyí tó jẹ́ ₦1,000 lórí ọ̀rá kan, ₦1,100 ló sì ń tà á. Páálí mẹ́rin ló ń tà lójúmọ́, torí pé àwọn onísọ́ọ̀bù kéékèèké àdúgbò náà ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá ló ń gba 40, tí ọkọ̀ Alàájì tó ń tà á fún un yóò sì gbé e wá. Ó wá ń rò ó pé kí òun gba ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ ni àpapọ̀ owó. Páálí 120 ní ₦20,000 jẹ́ ₦2,400,000. Iye yìí ni yóò jẹ́ kí Alàájì jókòó dáadáa, torí pé ₦20,000 kan ṣoṣo kò lè mú un ronú, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù méjì àti ọ̀kẹ́ lọ́nà ogún lè mú un.

Lẹ́yìn náà, kí Ìyá Ìbejì fi ara rẹ̀ sípò Alàájì. Ká ní ₦19,000 ni Alàájì rà á, ká sì ní ọkọ̀ ń ná an ní ₦15,000 ní ìrìn kan. Bí nǹkan ṣe wà tẹ́lẹ̀, èrè rẹ̀ lórí 120 páálí jẹ́ ₦120,000. Yọ ìrìn mẹ́ta kúrò, tó jẹ́ ₦45,000, ó ku ₦75,000. Bó bá wá dín ₦400 kù lórí páálí kan, èrè náà di ₦72,000. Ẹrù 120 páálí lé ní tọ́ọ̀nù kan, torí náà ó lè gba ọkọ̀ tó tóbi díẹ̀. Ká fi sí ₦20,000. Ó ku ₦52,000. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀dínwó tí Ìyá Ìbejì gbà jẹ́ ₦48,000, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lọ́wọ́ Alàájì kò ju ₦23,000 lọ, owó rẹ̀ sì ti pé lọ́jọ́ kìíní dípò kó máa dúró títí di ogúnjọ́. Ìyẹn ṣe é gbà. Bí ẹ̀dínwó náà bá wá jẹ́ ₦600 lórí páálí, ₦28,000 péré ni yóò kù fún un. Ìyẹn nira díẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ₦1,000 ni, kò sí èrè kankan mọ́, owó ọkọ̀ yóò sì jẹ wọ inú owó tó fi rajà.

Òótọ́ ni pé Ìyá Ìbejì kò lè mọ iye tí Alàájì rà á gẹ́gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ra ọjà kan fún ọdún díẹ̀ lè fojú díwọ̀n rẹ̀. Bó bá bèèrè iye kan náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó ń tà á ní Agbẹ́ni, tí iye wọn kò sì jìn síra wọn ju ₦200 tàbí ₦300 lọ, ó ti mọ̀ pé èrè orí ọjà náà tín-ín-rín. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ₦2 sí ₦3 lórí ₦100 ni ohun tí ẹnu lè gbà. Ẹni tó bá bèèrè ₦10 lórí ₦100 kò ní rí èsì.

Ohun kẹta ni ibi tí òun alára kò ti lè gbà mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù kì í dé. Ìyá Ìbejì ní ₦800,000 tó fi ń ra 40 páálí. Kó tó lè ra 120, ó nílò ₦1,600,000 sí i. Níbo ni yóò ti wá?

Bó bá jẹ́ pé òun ló kàn láti kó àjọ lóṣù náà, kò sí èlé lórí rẹ̀, gbogbo ₦48,000 ẹ̀dínwó náà jẹ́ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó yá owó tó ń gba ₦4 lórí ₦100 lóṣù, tí wọ́n sì gbà kó máa dá a padà bí ọjà bá ṣe ń tà, yóò dá ₦800,000 padà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, yóò dá ₦800,000 yòókù padà lẹ́yìn ogúnjọ́. Èlé rẹ̀ yóò tó ₦32,000. Nínú ₦48,000, ₦16,000 ló kù sí i lọ́wọ́. Bó bá wá jẹ́ pé ẹni tó yá a lówó yóò gba èlé oṣù kan gbáko lórí gbogbo rẹ̀, ìgbà yòówù kó dá a padà, èlé náà jẹ́ ₦64,000. Ẹ̀dínwó ₦48,000 ti di àdánù ₦16,000 nìyẹn.

Torí náà, kí Ìyá Ìbejì pín èlé rẹ̀ sí iye páálí. ₦32,000 lórí 120 páálí lé díẹ̀ ní ₦266. Ẹ̀dínwó tí kò bá tó ₦270 lórí páálí kan, kó fi sílẹ̀, kó máa ra 40 rẹ̀ lọ. Kó kọ iye yìí síbi tí yóò ti máa rí i, ṣùgbọ́n kó má fi hàn ẹnikẹ́ni. Bó bá sì ti gbọ́ fìn-ín fìn-ín pé iye ọjà náà fẹ́ wálẹ̀, kó má rà á jọ rárá, nítorí bí páálí bá fi ₦500 wálẹ̀ nígbà tí 80 ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn, ₦40,000 ti lọ.

Ìwé náà fúnra rẹ̀

Nígbà tí ìṣirò ti parí, ìwé kò gba àkókò. Ohun tí Ìyá Ìbejì lè fi ránṣẹ́ nìyí:

> Alàájì, ẹ kú ọjà o. Ìyá Ìbejì ti Apátá ni. Ẹ kú àìsinmi.
>
> Sìpàgẹ́tì onígíráàmù 500, tí 20 wà nínú páálí, ni mo fẹ́ gbà. Ẹ mọ̀ pé 40 ni mo máa ń gbà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù. Mo fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù yìí:
>
> Iye páálí: 120
> Iye tí ẹ ń tà á lónìí: ₦20,000
> Àpapọ̀: ₦2,400,000
>
> Ẹ̀dínwó tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún: ₦600 lórí páálí (₦3 lórí ₦100)
> Iye tuntun: ₦19,400
> Àpapọ̀ tuntun: ₦2,328,000
> Gbogbo ẹ̀dínwó: ₦72,000
>
> N kò gba àwìn kankan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di ọjà sọ́kọ̀ ni màá san gbogbo owó sínú àkáǹtì ilé iṣẹ́ yín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkọ̀ yín máa wá dípò ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.
>
> Bó bá bá yín lára mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí n lè ṣètò owó sílẹ̀ de Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ṣé o, sà. Ọjà á máa tà o.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ó kọ́kọ́ kí i, torí pé ọ̀rọ̀ owó tó bá bẹ̀rẹ̀ láìsí ìkíni máa ń dún bí àṣẹ létí àgbà. Ó sọ irú ọjà gan-an, ó sọ ìwọ̀n ọ̀rá àti iye tó wà nínú páálí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ju oríṣi kan lọ, àríyànjiyàn sì lè bẹ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá gbé oríṣi mìíràn wá. Ó rán Alàájì létí pé oníbàárà àtijọ́ ni òun.

Ó wá fi àpapọ̀ owó ṣáájú ẹ̀dínwó. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yí èyí padà. Bí ojú Alàájì bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ pé kó yọ ₦600, èrè rẹ̀ tó fẹ́ dín kù ni yóò kọ́kọ́ rò. Bó bá kọ́kọ́ rí ₦2,400,000, ọjà tó fẹ́ tà ni yóò rò. Ó kọ ẹ̀dínwó náà ní náírà lórí páálí, ó kọ ọ́ lórí ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ àpapọ̀ rẹ̀. Alàájì kò ní láti wá ẹ̀rọ ìṣirò rárá. Ṣùgbọ́n bí ìṣirò kan bá ṣì nínú wọn, bí àpapọ̀ tuntun kò bá bá iye tuntun dọ́gba, gbogbo ìwé náà ti pàdánù iyì rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò ni pé kí á fi gbogbo ẹ̀dínwó kún àpapọ̀ tuntun. ₦2,328,000 pẹ̀lú ₦72,000 gbọ́dọ̀ fún wa ní ₦2,400,000. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì fi í ránṣẹ́.

₦600 ló bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ₦400 ni ọkàn rẹ̀ wà. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Alàájì náà mọ̀ pé oníṣòwò kì í fi ibi tó ń lọ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kò bèèrè ju ohun tí ojú lè gbà lọ.

Ohun kan tún wà tí kò kọ síbẹ̀. Kò kọ ọ́ pé ẹnì kan ní Agbẹ́ni ń tà á ní ₦19,000. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà lóòótọ́, ó yẹ kí Ìyá Ìbejì ti lọ rà á níbẹ̀. Bí kò bá sí, àwọn tó ń ta ọjà yìí mọ ara wọn, ìpè kan ṣoṣo lórí fóònù ni yóò tú àṣírí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn kò sì ní tà létí Alàájì mọ́.

Èsì tó lè wá

Bí Alàájì bá ní, "Ìyá Ìbejì, ₦600 ti pọ̀ jù, kò sí èrè níbẹ̀ mọ́," ìyẹn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ó ti fẹ́ ná an nìyẹn. Kí Ìyá Ìbejì má sáré wálẹ̀ sí ₦300. Kó ní, "Ó yé mi, Alàájì. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ₦19,600. ₦2,352,000 ni màá san, ọjọ́ kan náà, láìsí àwìn." Ó ti fi ₦200 sílẹ̀ lórí páálí, kò sì yí ohun mìíràn padà. Bí Alàájì bá ṣì ní ₦19,800 ni òun lè gbà, ẹ̀dínwó náà jẹ́ ₦200, kò sì tó ₦270 tí Ìyá Ìbejì ti kọ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ owó èlé ni yóò fi rà á, kó dúpẹ́, kó sì máa gba 40 rẹ̀ bó ṣe ń gbà á. Bó bá jẹ́ owó àjọ ni, ₦24,000 ṣì jẹ́ èrè, ó sì lè gbà á.

Èsì kejì tó wọ́pọ̀ ni èènì. Alàájì lè ní, "N kò lè fọwọ́ kan iye páálí, ṣùgbọ́n màá fún yín ní páálí kan lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 50." Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, èyí náà dára, àmọ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Páálí 120 yóò mú èènì méjì wá. Yóò san ₦2,400,000, yóò sì gba 122. Bí á bá pín in, páálí kan dúró sí nǹkan bíi ₦19,672. Ó fi díẹ̀ wọ́n ju ₦19,600 lọ. Bó bá bẹ Alàájì kó sọ ọ́ di mẹ́ta, páálí 123 ni yóò gbà, kálukú yóò sì dúró sí nǹkan bíi ₦19,512. Ìyẹn ti sàn ju ₦19,600 lọ. Ó sì lè rọrùn fún Alàájì ju kó dín iye kù lọ, nítorí páálí kan tó fi tọrẹ, iye tó rà á nílé iṣẹ́ ló ná an, kì í ṣe iye tó ń tà á. Bákan náà, àwọn oníbàárà yòókù kò ní máa sọ pé ó ta tiwọn wọ́n.

Èsì kẹta nílò ìṣọ́ra. Alàájì lè ní, "Ẹ san ₦20,000 náà, màá fi ẹ̀dínwó yín sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀." Ó lè jẹ́ pé owó tágẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ máa san fún un ló gbójú lé, ohun tó sì fẹ́ ṣe kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnu la fi ṣe ìlérí. Kí Ìyá Ìbejì bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọ́ sórí wásáàpù kan náà pé, "₦48,000 ti Ìyá Ìbejì wà lọ́wọ́ mi, màá yọ ọ́ nínú ọjà oṣù tó ń bọ̀." Ẹni tó bá fẹ́ san án kò ní kọ̀ láti kọ ọ́.

Bí kò bá sì sí èsì kankan títí di Ọjọ́bọ̀, ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí Ìyá Ìbejì lọ bá Alàájì ní sọ́ọ̀bù, kó ṣí ìwé náà lórí fóònù, kí wọ́n jọ wò ó. Ìwé náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀rọ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ bá mi ṣe é" mọ́, orí iye owó ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọjà bá dé

Ẹ̀dínwó lè bọ́ sọnù lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù. Kí ọkọ̀ tó gbéra, kí ìwé ọjà ti wà nílẹ̀ tó fi hàn pé 120 páálí ni, ní ₦19,600, àpapọ̀ ₦2,352,000, kí orúkọ tó wà lórí àkáǹtì sì jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ ìwé ọjà náà. Fún ẹni tí a kò bá rajà rí, kí á má san gbogbo owó kí á tó fojú rí ẹrù, ẹ̀dínwó yòówù kó ṣèlérí.

Bí ọkọ̀ bá dé, kí á ka páálí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́, kí awakọ̀ tó lọ. Páálí mẹ́ta tó dín jẹ́ ₦58,800, ó ju gbogbo ẹ̀dínwó lọ. Kí á ṣí páálí kan, kí á ka ọ̀rá inú rẹ̀, kí á wo ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀, kí á sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ọjà tó ti súnmọ́ ọjọ́ náà máa ń mú kí ẹ̀dínwó yá Alàájì lára. Bí 120 páálí yóò bá gba oṣù kan kó tó tà tán, tó sì tún máa pẹ́ díẹ̀ nílé àwọn tó rà á lọ, oṣù méjì tó kù lára ọjà kò tó. Kí á to páálí sórí pákó, kó má kan sìmẹ́ǹtì, kó má sì fara ti ògiri, torí pé ọ̀rinrin àti eku ń jẹ èrè ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ̀yin onísọ́ọ̀bù, kí ẹ tó tún sọ fún ẹni tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́ ẹ dín in kù fún mi," ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ iye páálí, ẹ kọ àpapọ̀ owó, ẹ kọ ẹ̀dínwó tí ẹ fẹ́, ẹ sì kọ iye tí owó tí ẹ fẹ́ fi rà á yóò ná yín. Bí èlé bá ju ẹ̀dínwó lọ, ẹ má fi ìwé náà ránṣẹ́. Bí ẹ̀dínwó bá ju èlé lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí.